Kí Ló Dé Tí ‘Ọṣẹ’ Fi Ń Yí Ojú Padà Lórí Fóònù? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fọ́ǹtì àti Àwọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ìjọba Amẹ́ríkà ń pààrọ̀ fọ́ǹtì sọ́tùn-ún sósì. Kí ló kan ìjọba kan fọ́ǹtì?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Times New Roman sílẹ̀, kí wọ́n máa lo Calibri, kí ìwé wọn lè rọrùn fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní kí wọ́n padà sí Times New Roman, nítorí pé òun ló buyì kún ìwé ìjọba. Ohun méjì ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́: kí ó ṣeé kà, àti kí ó bá ẹni tó ni ín mu. Ohun méjì yìí náà ni ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba ń wá nínú lógò rẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa ní ìbéèrè kan tó ṣáájú méjèèjì, ìyẹn ni pé ṣé fọ́ǹtì náà tiẹ̀ gba èdè wa?

Mo ń ta ọṣẹ dúdú ní Àkúrẹ́. Mo fi fọ́ǹtì lógò mi kọ ‘Ọṣẹ’ lórí fóònù, ‘ṣ’ rẹ̀ wá yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Ṣé fóònù mi ló bàjẹ́ ni?

Rárá, fóònù yín kò ní àrùn kankan. Fọ́ǹtì yẹn ni kò ní ‘ṣ’.

Àpótí tí wọ́n kó àwòrán lẹ́tà sí ni fọ́ǹtì, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ‘ọ’, fóònù á wá àwòrán tó ń jẹ́ U+1ECD. Ti ‘ẹ’ ni U+1EB9, ti ‘ṣ’ ni U+1E63. Bí fóònù kò bá rí àwòrán náà nínú àpótí, á lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn tó wà lára rẹ̀. Lẹ́tà àyálò yìí lè sanra ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó lè tínrín, ó lè ga jù. Bí kò bá wá sí ibi tí yóò ti yá a rárá, igun mẹ́rin òfìfo ló máa yọ síbẹ̀.

Ohun tó fà á tó fi jẹ́ ‘ṣ’ nìkan ló yapa ni pé àwọn ará Vietnam ń lo ‘ọ’ àti ‘ẹ’ nínú èdè tiwọn. Tìtorí wọn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya fọ́ǹtì ṣe fi lẹ́tà méjèèjì sínú iṣẹ́ wọn, àwa náà sì rí i lò. Wọn kò ní ‘ṣ’ ní tiwọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fọ́ǹtì tí wọ́n kọ Vietnamese sí lára, ẹ má tíì gbà pé Yorùbá ti wọ̀ ọ́.

Àmì ohùn ló tún le ju ìyẹn lọ. Ẹ wo ‘ẹ́’ tó parí Àkúrẹ́. Kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ tirẹ̀. Fóònù ní láti kọ ‘ẹ’ ná, kó tó gbé àmì òkè, U+0301, lé e lórí. Ẹni tó ya fọ́ǹtì náà gbọ́dọ̀ ti fi ibi tí àmì máa jókòó sí hàn lórí ‘ẹ’. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó lọ bá lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ‘ǹ’ inú Oǹdó ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+01F9. Ìdí nìyẹn tí Oǹdó fi lè jáde dáadáa, tí Àkúrẹ́ á sì dàrú, lórí fọ́ǹtì kan náà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ kí n tó sanwó?

Ẹ má ṣe gba àwòrán ABC tí ẹni tó ń ta fọ́ǹtì fi ń polówó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìlà yìí ni kí ẹ ní kó kọ fún yín:

```
Ọṣẹ dúdú Àkúrẹ́ Oǹdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ÀKÚRẸ́ ỌṢẸ
```

Ẹ wo ohun mẹ́ta. Ṣé gbogbo lẹ́tà sanra bákan náà? Ṣé àmì jókòó sáàrin orí lẹ́tà? Ṣé àmì òkè lórí lẹ́tà ńlá kò gé, tí àmì ìsàlẹ̀ kò sì gún ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀? Lórí fonts.google.com, ẹ lè fi ìlà yìí sínú àpótí ìdánwò fúnra yín láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tí mo ń lò tí wọn kò já mi kulẹ̀ lórí Yorùbá ni Noto Sans, Andika, Gentium àti Charis SIL. Wọ́n ya Andika ní pàtàkì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ kì í jọra wọn, ojú kì í sì í ṣì í.

Ṣé kí n kúkú yọ gbogbo àmì kúrò? Àwọn ènìyàn ṣáà máa mọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọṣẹ ni ẹ ń tà. Bí ẹ bá yọ àmì, ‘ose’ tó kù lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ méje wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọṣẹ́, ìyẹn ohun tó ń pa ènìyàn lára. Ohun tí wọ́n máa fi para ni ẹ ń tà fún wọn. Bí fọ́ǹtì kan bá fẹ́ gba orúkọ ọjà yín lọ́wọ́ yín, òun ni kí ẹ jù sílẹ̀. Bí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù, ẹ ní kí ẹni tó ń ya lógò fọwọ́ ya àmì náà sínú lógò nìkan, kí ẹ wá lo fọ́ǹtì tó gba Yorùbá fún gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù: iye owó, àdírẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Àwọ̀ wo ló bá ọṣẹ dúdú mu?

Ẹ wo inú ọjà náà fúnra rẹ̀. Eérú èèpo kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é lágbègbè wa, nítorí náà àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú bí èèpo kòkó gbígbẹ kò ní jọ àwòrán àgbélẹ̀rọ. Wúrà lè bá a rìn, bíi kòkó tó pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn sọ fún ẹni tó ń ya á pé ‘pupa’. Nínú èdè wa, pupa lè jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ti epo tàbí ti wúrà. Nọ́ńbà àwọ̀ ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì kọ ọ́ pa mọ́:

```
#4E2A14   àwọ̀ èèpo kòkó
#FFD700   wúrà
#FFFFFF   funfun
```

Wúrà lórí funfun ni mo lò. Nínú ṣọ́ọ̀bù ó ń dán, níta kò sẹ́ni tó lè kà á. Kí ló dé?

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ní láti wò, kì í ṣe àwọ̀. Wúrà àti funfun yàtọ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀ gan-an, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní WCAG, tó ń wọn ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàrin lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Dúdú lórí funfun ló ga jù, ó jẹ́ 21. Lẹ́tà tí kò tóbi kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju 4.5 lọ, èyí tó tóbi kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 3.

Wúrà yín lórí funfun kò ju 1.4 lọ. Bí ẹ bá gbé wúrà yẹn kan náà lé orí àwọ̀ èèpo kòkó, ó di nǹkan bíi 9. Bí ẹ bá fi àwọ̀ èèpo kòkó kọ̀wé lórí funfun, ó lé ní 12. Àwọ̀ kankan kò yí padà nínú okòwò yín, ibi tí ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ló yí. Ẹ lè wọn tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí webaim.org, níbi tí wọ́n pè ní Contrast Checker: ẹ fi nọ́ńbà àwọ̀ méjèèjì sí i, á sọ iye rẹ̀ fún yín.

Oòrùn ló dá kún tiyín. Nígbà tí ó bá ta sójú fóònù, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń dà sórí lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn á sì kéré sí i. Èyí tó ti kéré tẹ́lẹ̀ á wá parẹ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ràn kí oníbàárà mi dúró sórí 4.5 gan-an. Ẹni tó ń ra ọjà lójú títì Àkúrẹ́ lọ́sàn-án nílò 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pupa lórí àwọ̀ ewé ńkọ́? Ó máa ń fa ojú mọ́ra.

Ó ń fà á, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó kà á. Pupa pátápátá, `#FF0000`, lórí ewé `#008000` kò tó 1.3, àwọn kan sì wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewé.

Báwo ni lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó lórí àwòrán ìpolówó tí mo ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp?

Ẹ máa pín in sí mẹ́ta. Àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1080 lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ fóònù ń fi hàn ní nǹkan bíi 360. Lẹ́tà tí ẹ kọ ní 48 á wá di 16, ìyẹn ṣeé kà láìsún fóònù mọ́jú. Èyí tí ẹ kọ ní 30 á di 10, WhatsApp tún máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, èyí sì ń jẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ ‘ṣ’ àti ‘ẹ’ di ìdọ̀tí. Àmì yẹn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá ń rí àmì dáadáa lórí fóònù, gbogbo lẹ́tà yòókù ti yè.

Ọmọ mi ní lógò mi pòórá lórí fóònù òun. Lórí tèmi ó wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti pa á rẹ́ ni?

Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Ọmọ yín ti yí ojú fóònù rẹ̀ sí dúdú, lógò yín sì jẹ́ àwọ̀ èèpo kòkó láìní ẹ̀yìn kankan. Dúdú wá bọ́ sórí dúdú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe méjì fún yín: ọ̀kan tí lẹ́tà rẹ̀ ṣú fún ẹ̀yìn funfun, ọ̀kan tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ wúrà tàbí funfun. Fún àwòrán orí WhatsApp, ẹ fi ẹ̀yìn èèpo kòkó sí i pátápátá, kó má bàa gbára lé fóònù ẹlòmíràn.

Ṣé wọ́n lè mú mi nítorí fọ́ǹtì tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹni tó ni ín lè béèrè owó, bí ó bá kọ ọ́ sí i pé fún ìlò ara ẹni nìkan ni, tí ẹ sì fi ń tajà. Ẹ ka ìwé àṣẹ tó máa ń bá fọ́ǹtì wá kí ẹ tó lò ó. Àwọn mẹ́rin tí mo dárúkọ lókè wà lábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní SIL Open Font License. Ẹ lè fi wọ́n ṣe okòwò, ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ máa ta fọ́ǹtì náà lásán fúnra rẹ̀.

Mo ti tẹ lébẹ́ẹ̀lì púpọ̀. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ẹ má dà á nù bí ‘Ọṣẹ’ bá pé lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé kì í yá lẹ́tà mọ́. Wúrà lórí funfun yẹn ni kí ẹ tètè mú kúrò lórí fóònù, nítorí ìyẹn kì í náni ní nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ òmíràn, ẹ ní kí ẹni tó ya á sọ lẹ́tà di àwòrán kó tó fi fáìlì ránṣẹ́. Mo gbé iṣẹ́ kan lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan nígbà kan láìṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọn kò ní fọ́ǹtì tí mo lò, ó fi tirẹ̀ rọ́pò, ‘ẹ́’ inú Àkúrẹ́ sì di igun mẹ́rin òfìfo lórí gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi PDF tí lẹ́tà rẹ̀ ti di àwòrán ránṣẹ́, mo sì máa ń ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún mi wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.