Lógò àìránṣẹ́: kí ni, báwo la sì ṣe ń dá a lóhùn?

“Ìwé kúkúrú” ni àwọn kan ń pe bíríìfù, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ń sọ ohun tó fẹ́ kí ayàwòrán ṣe. Mo rí i lára ìwé iye owó tí ilé ìtẹ̀wé kan ní Wuse kọ fún oníbàárà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé kúkúrú pẹ̀lú lógò yín ránṣẹ́.” Obìnrin tí wọ́n kọ ọ́ sí fèsì pé, “Lógò mi nìyí.” Wọ́n bínú sí i, wọ́n ní kò gbọ́ ohun tí àwọn wí. Ó gbọ́. Kúkúrú ni wọ́n ní kó kọ, ó sì kọ ọ́ kúkúrú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ló tàn án jẹ.

Ohun tí àwọn tó ń ya àwòrán ń pè ní bíríìfù kò níí ṣe pẹ̀lú gígùn tàbí kíkúrú. Ó lè jẹ́ ojú ìwé mẹ́wàá, ó lè jẹ́ gbólóhùn kan lórí fóònù. Ohun tó jẹ́ ni iṣẹ́ tí a rán ni. Yorùbá sì ti ní èyí tipẹ́, kí Àbújá tó di olú ìlú. Ẹnu wa kò ya iṣẹ́ tí à ń jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí à ń ṣe, ohùn kan náà la fi ń pè wọ́n, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rán ni ná. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe bíríìfù ní iṣẹ́ rírán, tí mo sì ń pe lógò tó bá dé láìsí i ní lógò àìránṣẹ́: àwòrán lásán, tí kò bá ọ̀rọ̀ kankan wá.

Ẹ wò ó báyìí. Télọ̀ kan jáde lọ kírun ọ̀sán. Nígbà tó padà, ó bá agbádá àtijọ́ kan tí ẹnì kan ká sórí máṣìnnì rẹ̀. Ta ló gbé e wá, ó mọ̀ ọ́n. Kí ló fẹ́, kò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé kó wò ó bóyá ìrán rẹ̀ dára, kó sọ ibi tó kù sí. Ó lè jẹ́ pé kó sọ irú aṣọ tó jẹ́ àti irú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n lè lọ wá irú rẹ̀ lọ́jà. Ó sì lè jẹ́ pé kó fi í wọn òmíràn, kó rán an bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, aṣọ kan. Télọ̀ tó bá mú sísọ́ọ̀sì kó tó béèrè, ó lè gé ohun tí kò ṣeé rán padà. Lógò àìránṣẹ́ nìyẹn: àríwísí, àpèjúwe, tàbí àtúnyà. 

Àwọn kan lára wa tó fẹ́ràn àṣà sọ pé kí a máa pè é ní àrokò. Inú mi kì í dùn sí èyí rárá, torí mo mọ iyì àrokò. Ẹni tó bá di ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí ọ. Bó bá di mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ yín jọ. Owó méjì tó kọjú síra wọn, ìrẹ́pọ̀ ni, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti wọ̀ ọ́. Àrokò kì í ṣe ohun tó dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ti jọ mọ̀ ṣáájú. Lógò tí oníbàárà jù sínú fóònù mi ní alẹ́ kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nídìí, nítorí náà orúkọ yẹn kò tọ́ sí i. Àwọn mìíràn á ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ ni wọ́n wí. Èyí tí kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ kò tíì dé àbọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Utako ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Àlájà kan, ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Kubwa, fi lógò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ó ń ta nǹkan jíjẹ inú ọ̀rá. Kò sí “ẹ kú alẹ́”, kò sí ohùn tí a gbà sílẹ̀. Òbìrìkìtì aláwọ̀ ewé ni lógò náà. Dagi wà láàárín rẹ̀, iṣẹ́ ọnà àwọn Hausa tí ìlà rẹ̀ máa ń wé mọ́ra, tí ẹ ń rí lára aṣọ àti lára ògiri káàkiri òkè ọya níhìn-ín. Ṣírí ọkà kan dúró lórí dagi náà, orúkọ òwò sì wà nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣú bí ohun tí a ń wò nínú kùrukùru. Mo wo ìwọ̀n rẹ̀: píksẹ́lì 640 ní ìbú, 640 ní òró.

Iye yẹn ló sún mi dé ibi tí mo ṣìnà sí. Ìtẹ̀wé tó bá máa mọ́ lójú ń fẹ́ nǹkan bí píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan, nítorí náà àwòrán yìí kò lè fẹ̀ ju ínṣì méjì ó lé díẹ̀ lọ. Ó lè wọ káàdì. Ṣùgbọ́n bí a bá nà án sórí bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kò ní tó píksẹ́lì 9 nínú ínṣì kan. Mo ní, “Bánà ló fẹ́ ṣe, kí n tún un yà ní fẹ́tọ̀ fún un.” Fẹ́tọ̀, àwòrán tí kọ̀ǹpútà fi ìlà ṣe dípò píksẹ́lì, kì í ṣú bó ti wù kí a fẹ̀ ẹ́ tó. Mo jókòó tì í títí di aago kan òru. Òbìrìkìtì kò gba àkókò. Dagi ló gbà á, torí ìlà rẹ̀ ń gba òkè ìlà kejì kọjá níbi kan, á sì gba abẹ́ rẹ̀ níbi tó tẹ̀lé e. Ní ibi méjì tí àwòrán ti ṣú jù, ojú mi ni mo fi pinnu èyí tó wà lókè. Ṣírí ọkà náà dà bí ọ̀pá dídán kan, mo sì yà á ní jéró.

Àárọ̀ ni ohùn rẹ̀ dé: “Àbúrò, o ṣeun, Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o tún un yà? Ọkọ mi olóògbé ló ya á. Lọ́yà ló ní kí ẹni tó mọ àwòrán bá mi kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.”

Lọ́yà yẹn ń múra láti gbé àmì náà lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò tó wà ní Àbújá wa níbí. Ìsọ̀rí 45 ni wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí níbẹ̀, ìyẹ̀fun tí Àlájà ń tà sì wà nínú ìsọ̀rí 30. Ó fẹ́ ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi wá àwọn àmì tó jọ ọ́, kí wọ́n má baà lọ bá ti ẹlòmíràn ńlẹ̀. Àyà mi já nígbà tí mo gbọ́. Bí àmì ṣe rí nígbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ń dáàbò bò. Bí a bá fẹ́ yí i padà lẹ́yìn náà, a gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè, kò sì sí ààyè fún àyípadà tó bá sọ ọ́ di àmì mìíràn. Ká ní àtúnyà mi ló bọ́ sọ́wọ́ lọ́yà ńkọ́?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ bí mo ṣe ń dá lógò àìránṣẹ́ lóhùn. Mi ò kí n béèrè pé “Kí lẹ fẹ́?” lásán, torí èsì rẹ̀ kì í ju “Ohun tó bá dáa” lọ. Àpèjúwe ni mo kọ́kọ́ ń kọ, ìlà mẹ́rin péré, ìbéèrè kan yóò sì tẹ̀lé e. Èyí tí mo kọ sí Àlájà láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyí:

“Ẹ máà bínú, Àlájà, èmi ni mo kánjú. Ohun tí mo rí nìyí: òbìrìkìtì kan, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀. Dagi funfun wà láàárín. Ṣírí jéró aláwọ̀ ìyeyè kan dúró lórí rẹ̀, ó tẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe mọ̀ ọ́n? Ṣé kí n kọ ọ́ kúnná fún lọ́yà ni, àbí ẹ tún fẹ́ kí n sọ èrò mi lórí rẹ̀, tàbí kí n yà á bó ṣe wà?”

Àpèjúwe ló ṣíwájú torí pé kò ba nǹkan jẹ́, iṣẹ́ méjì yòókù sì ń bẹ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò lè fi ẹnu sọ bí dagi náà ṣe wé kò lè yà á, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti bù ú kù. Àríwísí ni mo ń fi sẹ́yìn jù, mi ò sì ń sọ ọ́ àfi bí wọ́n bá béèrè. Mo ti ń múra láti sọ pé ìlà dagi náà tinrín jù, pé yóò pòórá lórí òǹtẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òkú ló fa ìlà yẹn, ìyàwó rẹ̀ kò sì bi mí.

Bí fáìlì náà ṣe ṣú kò purọ́, èmi ni mo kà á ju bó ti mọ lọ. Bí ẹ bá fẹ àwòrán JPEG lójú tí ẹ rí ẹ̀rún bí eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́tà, níbi tí àwọ̀ ewé ti pàdé funfun, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fún un pọ̀. Wasáàpù ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tí a bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ni ín kò ní èyí tó mọ́ nílé.

Àlájà ka àpèjúwe mi, ó sì fèsì lójú ẹsẹ̀: “Jéró kẹ̀? Kì í ṣe jéró o, ọkà bàbà ni. Dáwà! Òun la ń tà.” Mo ní kó lọ sórí kọ̀ǹpútà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, kó fi àwòrán náà ránṣẹ́ bíi ìwé, kó má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Ó dé ní ọ̀sán, ó lé ní píksẹ́lì 3000. Mo fẹ ṣírí náà lójú, mo rí àwọn hóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, róbótó, wọ́n tú ká bí orí ọkà bàbà ṣe máa ń tú. Ní dagi náà, ọ̀kan nínú ibi méjì tí mo fi ojú pinnu, òdì ni mo yà á. Mo pa àtúnyà mi rẹ́, mo yí “jéró” padà sí “ọkà bàbà”, mo sì fi àpèjúwe náà ṣọwọ́ sí lọ́yà.