Hínjì tí a fi pírńtà tẹ̀: àlàfo inú ihò àti ọ̀nà tó yẹ kí ó gbà dúró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán nǹkan fún pírńtà tírì-dì ló gbà pé bí ọ̀pá bá nípọn tó mìlímítà 4, ihò tí yóò wọ̀ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 4. Nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde tí ọ̀pá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ wọ́n. Ihò tó bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọ̀pá kò fún ọ̀pá láàyè láti yí, àti pé ihò tí pírńtà bá tẹ̀ kì í sábà fẹ̀ tó bí a ṣe yà á. Nǹkan míì tún wà tí àwọn ènìyàn kì í bìkítà fún títí tí ohun tí wọ́n ṣe yóò fi là sí méjì: bí a ṣe gbé nǹkan náà kalẹ̀ lórí pírńtà ló ń sọ ibi tí yóò ti kán.

Hínjì kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó ni ín ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò ní èbúté Ìpakodò, níhìn-ín ní Ìkòròdú, ara ìdérí àpótí tí wọ́n ń kó láìfù jákẹ́ẹ̀tì sí ni hínjì náà sì wà. Omi ọ̀sà, tí iyọ̀ òkun máa ń wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti jẹ hínjì onírin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ bá a tẹ onike kan jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò wọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi òòlù gbá a wọlé, etí hínjì là gbọọrọ bí ìgbà tí a bá la igi ìdáná. Ẹni tó bá wo ojú ibi tó là dáadáa yóò rí i pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán, kò sì sí ibi kankan tí ike ti fà tàbí tó ti ya. Àmì pé ìpele méjì ló jára wọn sílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé ike náà kò lágbára.

Pírńtà irú èyí máa ń yọ́ okùn ike, á tẹ́ ẹ bí ìlà tín-ín-rín, á sì to ìlà lé ìlà ní ìpele-ìpele. Ike tó wà nínú ìlà kan náà jẹ́ odindi, ó sì máa ń le láti fà já, ṣùgbọ́n láàárín ìpele kan àti èyí tó wà lókè rẹ̀, lílẹ̀ lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra nígbà tí èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń tutù. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan ìwọ̀n ihò rárá, ó yẹ kí a bi ara wa pé ibo ni agbára yóò ti máa fa nǹkan yìí, kí a sì gbé e kalẹ̀ débi pé agbára náà yóò máa fa ìlà, tí kò ní máa ya ìpele kúrò lára ìpele.

Hínjì tiwa ní abala méjì. Abala kọ̀ọ̀kan ga ní mìlímítà 50, ó fẹ̀ ní 30, ó sì nípọn ní 4. Abala kìíní ní etí méjì, ọ̀kan lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀, abala kejì sì ní etí kan ṣoṣo ní àárín. Ọ̀pá sítéńlẹ́ẹ̀sì oní-mìlímítà 4 ló gba inú etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Bí a bá tẹ́ abala yìí sílẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nítorí pé ó rọrùn, ó sì yá, àwọn ìpele yóò gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá níbi tí etí ti tín-ín-rín jù lọ. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá já ìdérí gbà sókè, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti là. Òkè ihò yóò sì tún wọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni pírńtà ti tẹ́ ìlà ibẹ̀, ihò kò sì ní rí roboto mọ́.

Bí a bá nà án dúró, tí ihò kọjú sókè, ìlà ike yóò máa yí ihò ká ní odindi, á sì máa bá etí lọ wọ inú abala láìjá. Ihò yóò rí roboto. Ohun tí a ó fara dà ni pé etí tó wà ní àárín àti èyí tó wà lókè yóò dúró lórí òfo, nítorí náà a ní láti gbé òpó ìtìlẹ́yìn sábẹ́ wọn, kí a sì ya òpó náà kúrò lẹ́yìn títẹ̀. Abẹ́ ibi tí òpó wà kì í dán, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí mìlímítà 0.5 wà láàárín etí kan àti èkejì, kí gbágungbàgun abẹ́ rẹ̀ má baà máa ha èyí tó kàn án. Ohun tó ga tí kò sì nípọn ju 4 lọ tún lè ṣubú lórí pírńtà, ẹ tan `Brim` fún un, ìyẹn etí pẹrẹsẹ tí pírńtà máa ń tẹ́ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká kí ó lè dúró.

Ọ̀nà yìí kò mú gbogbo àìlera kúrò. Bí nǹkan bá ń fa hínjì náà ní gígùn ọ̀pá rẹ̀, ìpele ló ń fà. Ìdérí àpótí kì í fà á lọ́nà bẹ́ẹ̀, a lè gbà á.

Ó wá ku ìwọ̀n ihò. Etí méjì ti abala kìíní gbọ́dọ̀ di ọ̀pá mú kí ó má baà yọ jáde, etí àárín sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó yí fàlàlà, nítorí náà ìwọ̀n méjì ni a nílò. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n kan náà ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dá wàhálà sílẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ìdí tí ihò fi máa ń kéré ju bí a ṣe yà á lọ ni pé ike máa ń sún kì bó ti ń tutù, ìlà tí pírńtà ń tẹ́ yí ihò ká sì máa ń fà wọ inú. Ìdí kejì wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í fi òbìrí gidi ránṣẹ́ sí pírńtà, ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ kéékèèké ló ń so pọ̀. Bí ihò oní-mìlímítà 4.4 bá ní ẹ̀gbẹ́ 16 péré, àyè tó wà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì yóò jẹ́ bíi 4.32, ìyẹn ni pé àlàfo ti dín kù kí ike tó yọ́ rárá. Nínú OpenSCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi yàwòrán yìí, `$fn` ni a fi ń sọ iye ẹ̀gbẹ́, 96 sì tó fún ihò bí èyí:

```
opa = 4;
alafo = 0.4;
difference() {
  cylinder(d = 12, h = 16.3, $fn = 96);
  translate([0, 0, -1])
    cylinder(d = opa + alafo, h = 18.3, $fn = 96);
}
```

Níbo ni mo ti rí 0.4 yẹn? Kì í ṣe inú ìwé. Kí a tó tẹ hínjì, a tẹ kúbú ike kan tó ní ihò láti 4.0 dé 4.6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 0.1 ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, a sì ń ti ọ̀pá gan-an bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí pírńtà yìí, ọ̀pá wọ 4.2 pẹ̀lú agbára ọwọ́, kò sì yí mọ́, nínú 4.4 ó ń yí láìmì, nínú 4.6 ó ń mì jìgìjìgì. A mú 4.2 fún etí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a mú 4.4 fún ti àárín. Ti pírńtà yín lè yàtọ̀ sí èyí, nítorí náà ẹ má ṣe yá ìwọ̀n mi lò.

Kúbú ìdánwò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ okùn ike kan náà, kí ihò rẹ̀ kọjú síbi tí ti hínjì kọjú sí, kí ó sì jìn tó etí, ìyẹn mìlímítà 16. Àwọn kan máa ń dán an wò lórí pátákó tí kò nípọn ju 3 lọ, ọ̀pá á wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ihò tó jìn, gbogbo wíwọ́ díẹ̀díẹ̀ àti kókó kéékèèké tó wà níbi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan yóò para pọ̀ di ọ̀pá mú.

Bí ọ̀pá bá kọ̀ ní ẹnu ihò ìsàlẹ̀ nìkan, tó sì jẹ́ pé bó bá ti kọjá ibẹ̀ ó ń lọ geere, ìpele àkọ́kọ́ ló fà á. Pírńtà máa ń tẹ ìpele yẹn mọ́lẹ̀ gidigidi kí ó lè lẹ̀, ike á sì fẹ̀ wọ inú ihò. Ẹ gé etí ẹnu ihò náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní nǹkan bíi mìlímítà 0.5 nínú àwòrán, ọ̀rọ̀ ti parí.

Etí wa fẹ̀ ní 12, ihò àárín sì jẹ́ 4.4, ike tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.8. Imú pírńtà oní-0.4 tó bá tẹ́ ìlà márùn-ún láti inú àti márùn-ún láti ìta yóò fi ìlà nìkan kún ibẹ̀ tán, nítorí náà `Wall Line Count` wà ní 5. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ohun tí a fi kún àárín ni kí ẹ fi kún un. Nínú etí hínjì, ìlà ìta ló ń gbé ẹrù.

Okùn ike PETG ni a lò. PLA rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 60°C, ìdérí tó dúdú tí oòrùn ọ̀sán ń pa lórí omi sì lè gbóná débi tí yóò máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. PETG ń fara dà á dé bí 80°C. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin kò sì wọ́n wa nílùú yìí. Bí ẹ bá gbọ́ tí imú pírńtà ń ta pàpà, tí okùn tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn sì ń wà nínú ihò, ike ti mu omi, ìwọ̀n tí ẹ fi kúbú ìdánwò rí kò sì jẹ́ òtítọ́ mọ́. Ẹ mú kí ó gbẹ ní bí 65°C fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ tún kúbú náà tẹ̀.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ pírńtà lè máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí iná ti lọ, ojú kò sì ní tètè rí i pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpele tó ti tutù pátápátá kí òmíràn tó bọ́ lé e kò lẹ̀ dáadáa, bí a sì ti na hínjì yìí dúró, ìpele yẹn la abala já láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ohun tí a ń tò sórí tábìlì lè gbà bẹ́ẹ̀. Hínjì tí iná lọ lórí rẹ̀, èmi kì í gbé e fún oníbàárà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń lò ó, etí àárín ni yóò kọ́kọ́ jẹ, nítorí òun nìkan ni ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, iyanrìn tó bá sì wọ ibẹ̀ yóò máa ha ike. Ìyẹ̀fun ike tó bá ń hàn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, kí ìdérí tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tó bá ń mì, ihò kò ní roboto mọ́, gíríìsì kò sì ní tún un ṣe. Ẹ fi nǹkan ti ọ̀pá jáde láti òkè, ẹ pààrọ̀ abala kejì nìkan, kí ẹ sì dá ọ̀pá kan náà padà sínú abala kìíní, bí ó bá ṣì dì í mú.