Ọjọ́ tí a tọwọ́ bọ wíìlì ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá oníṣòwò kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Ó ní ilé alájà méjì ní Láwánsọ̀n, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì lówó ní báńkì. Ìyàwó rẹ̀ méjì, ọmọ márùn-ún. Ó kọ wíìlì: ilé fún àwọn ọmọ ìyáálé, ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ ìyàwó kejì tó ti ń bá a tajà látọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ò lójú pọ̀ rárá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ níṣojú aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì ti há sínú gò-síló, kò ríbi gbà. Nígbà tó dé lọ́jọ́rú, bàbá na ìwé sí i, ó ní, "Ìfọwọ́sí mi rèé o, ẹ bá mi fi tiyín sí i." Ọ̀rẹ́ fi tirẹ̀ sí i, wọ́n dì í, ó di inú àpótí.

Wíìlì yẹn ò dúró. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ bá gbé e lọ sílé-ẹjọ́ lẹ́yìn ikú bàbá, tó sì hàn pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, wọn ò ní wo bí ìpín náà ṣe dára tó.

Ohun tí Òfin Wíìlì ti Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ni pé ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ẹni tó ni wíìlì bá ń tọwọ́ bọ̀ ọ́, tàbí nígbà tó bá ń sọ fún wọn pé ìfọwọ́sí tó wà níbẹ̀ tòun ni. Ọ̀rọ̀ "pa pọ̀" yẹn ló já bàbá wa sí kòtò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹlẹ́rìí kan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́rú, ẹyọ ẹlẹ́rìí kan péré ni, ìyẹn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sígbà kankan tí àwọn méjèèjì jọ wò ó. Ká ní ó pe aládùúgbò padà lọ́jọ́rú, tó fi ìfọwọ́sí rẹ̀ han àwọn méjèèjì, tí àwọn méjèèjì sì wá tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹlẹ́rìí náà gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́ níṣojú ẹni tó ni wíìlì. Ẹni tó jáde lọ dáhùn fóònù ní kọ́rídọ̀, tó wá fi báírò sí i ní pálọ̀ nígbà tí bàbá ti wọ yàrá lọ sùn, wàhálà ló ń fà. Ìdí nìyẹn tí àwọn lọ́yà tó mọṣẹ́ fi máa ń ti ilẹ̀kùn, tí wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde títí gbogbo ìfọwọ́sí á fi pé. Ẹlẹ́rìí ò nílò láti mọ ohun tó wà nínú ìwé; ìfọwọ́sí ló ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ìpín. Bàbá lè fi bébà bo ojú ìwé tó kù.

Bí wíìlì bá ṣubú, tí bàbá sì jẹ́ ẹni tó ń gbé lábẹ́ àṣà, ìdí-igi la ó padà sí, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan á jọ gba ìpín kan. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tó dá lórí ogún ọkùnrin Èkó kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà sọ pé ìdí-igi ni òfin Yorùbá lórí ìpíngún, pé ìgbà tí ìjà bá dé ni olórí ẹbí lè lo orí-ó-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ tó ti ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù Ìdúmọ̀tà látọjọ́ yìí á bá gbogbo ilé pín in.

Ẹ wò ó láti ìhà mìíràn: ká ní ẹlẹ́rìí méjèèjì wà níbẹ̀ pa pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọkọ ọmọbìnrin bàbá, ìyẹn ọmọ ìyáálé tí wọ́n fún ní ìpín nínú ilé Láwánsọ̀n. Wíìlì yìí dúró dáadáa. Ìpín ọmọbìnrin yẹn nìkan ló kú. Òfin ò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí tàbí ọkọ tàbí ìyàwó ẹlẹ́rìí jẹ nínú ohun tó jẹ́rìí sí. Mo ka èyí sí òfin tó ń dunni jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ràn bàbá jù ló máa ń sáré wá jẹ́rìí. Alámòójútó ogún lè jẹ́rìí o, bí kò bá ti sí ohun tí wọ́n fún un. Afọ́jú ò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, torí pé kò lè rí ìfọwọ́sí.

Ìfọwọ́sí ẹni tó ni wíìlì gan-an ò le. Ìtẹ̀ka tó. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ó lè ní kí ẹlòmíràn bá òun tọwọ́ bọ̀ ọ́, lójú òun. Ìsàlẹ̀ ìwé ló yẹ kó wà, ohun tí wọ́n bá sì kọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní agbára. Bí kò bá mọ̀wé, kí wọ́n kà á fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kà á, ó sì yé e.

Ọ̀rọ̀ làákàyè ló máa ń pẹ́ jù níwájú adájọ́. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò, láti ìgbà ẹjọ́ Banks àti Goodfellow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870: ṣé ó mọ̀ pé wíìlì lòun ń ṣe àti ohun tó máa fà, ṣé ó mọ bí ohun tóun ní ṣe pọ̀ tó lápapọ̀, ṣé ó rántí àwọn tó yẹ kóun rò nínú ìpín? Banks yẹn ń sọ pé òkú kan àti àwọn ẹ̀mí èṣù ń lé òun, síbẹ̀ wíìlì rẹ̀ dúró, nítorí pé ìran tó ń rí ò kan ìpín tó ṣe. Ká ní bàbá wa ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ń sọ pé àkọ́bí òun ti kú nígbà tí ọmọ náà jókòó tì í, tó sì torí bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ kúrò, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ìgbà tó tọwọ́ bọ ìwé náà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe oṣù tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí bàbá bá dàgbà tàbí bó bá ń ṣàìsàn, àwọn lọ́yà máa ń fẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, kó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí. Bó bá jẹ́ ọmọ tó jogún tó pọ̀ jù ló pe lọ́yà, tó sọ ohun tí wọ́n á kọ, tó sì jókòó sí yàrá ní gbogbo àkókò náà, òun ni ilé-ẹjọ́ máa ní kó ṣàlàyé. Lọ́yà tó mọ èyí á kọ́kọ́ ní kí gbogbo ọmọ jáde, á wá ní kí bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ọmọ àti dúkìá rẹ̀, á sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.