Ogún ẹyin, ìwé mẹ́rìnlélógún: bí a ṣe ń kọ iye sórí ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé

Ká ní àkójọ tí tíṣà fẹ́ kọ nìyí: ẹyin 20, ìwé 24, bíró 16, ọsàn 45. Láti 1 dé 14 kò ní wàhálà, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ipò iye ló kọ́kọ́ ń da àwọn tó ń ṣe ìwé iṣẹ́ láàmú. Iye tó bá ní m níwájú, ẹ̀yìn ohun tí à ń kà ló ń wà: ìwé mẹ́rìnlélógún, bíró mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n 20, 30, 40, 50 àti irú wọn kì í gba m yẹn, iwájú ni wọ́n sì ń dúró sí: ogún ẹyin, ọgbọ̀n àga, àádọ́ta ọsàn. Ó máa ń bí ni nínú tí ìwé iṣẹ́ bá kọ "ilé ogún" sí abẹ́ àwòrán ilé 20. Ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ fún ọmọ ni ilé ogún. Ogún ilé ni tíṣà ń wá.

Lẹ́yìn èyí, lé àti dín ló kù. 24 àti 16 jọra lójú ọmọ, mẹ́rin àti ogún ló wà nínú méjèèjì. Kí ọmọ ti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wò ó: ogún ni ìdí. Bó bá rí lé, iye náà ju 20 lọ. Bó bá rí dín, kò tó 20. Láti 20 lọ, 1 sí 4 ni a máa ń lé. Tó bá ti di 5, inú ẹ̀wá tó ń bọ̀ ni a ti ń dín in.

Ọsàn 45 ló dùn jù nínú rẹ̀. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ 10 kúrò, ó di àádọ́ta. Tún yọ 5, ó di márùndínláàádọ́ta. Ìyá ọlọ́jà tó gba 50 náírà fún ọjà 45 kì í tún ka ọjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣéńjì 5 ló ń kà sọ́wọ́ oníbàárà, ọ̀rọ̀ sì parí. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí kò síbi tí èèyàn ti máa ń rìn ju 5 lọ kúrò lórí ẹ̀wá kan.

Ìwé iṣẹ́ tó bá to iye láti 1 dé 50 tẹ̀lé ara wọn kò dán ọmọ wò, orin ni yóò fi kọ ọ́. Kí tíṣà kọ 26 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 34. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ti àkọ́kọ́, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni èkejì. Ọmọ tó bá pààrọ̀ wọn mọ mẹ́rin, ó mọ ọgbọ̀n, lé àti dín nìkan ni kò tíì yé e, ibẹ̀ sì ni kí tíṣà padà sí.