Ẹja tó fi 70 pásẹ́ǹtì fúyẹ́, kì í ṣe 70 pásẹ́ǹtì lẹ máa fi lé owó ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan ẹja tà ní Mákòkó, Bàrígà, Òyìngbò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí torí ó ń jẹ owó yín. Ọ̀pọ̀ gbà pé tí ẹja bá fi 70 pásẹ́ǹtì fúyẹ́ nígbà tó gbẹ, ká sáà fi 70 pásẹ́ǹtì lé iye tá a ra kílò kan ẹja tútù, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o!

Bí àǹtí mi kan ní Bàrígà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo jókòó tì í, ó ra ẹja àrọ̀ kílò mẹ́wàá, ₦3,000 kílò kan, ₦30,000 lápapọ̀. Ó yọ ìfun ẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó ká a, ó ti ìrù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tò ó sórí nẹ́ẹ̀tì tó wà lórí dúrọ́mù, ó ń yí i lórí iná eédú wẹ́rẹ́ títí tó fi jẹ́ pé tó o bá fi méjì kan ara wọn ó ń dún kó-kó bí igi. A jẹ́ kó tutù ká tó gbé e sórí síkéèlì, kílò mẹ́ta géérégé ló kù.

Ó ní, "Ṣebí 70 ló lọ, 70 pásẹ́ǹtì ₦3,000 jẹ́ ₦2,100, kílò kan á wá jẹ́ ₦5,100."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ sọ ₦5,100 yẹn di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ wo iye tó máa wọlé."

₦15,300. Ó tún un tẹ̀ lórí fóònù, òun náà ni. ₦14,700 ti lọ nínú owó tó fi ra ẹja, a ò tíì dárúkọ eédú.

Ohun tó fà á ni pé omi gbẹ lára ẹja, owó ò gbẹ. ₦30,000 tí kílò mẹ́wàá gbé wá, kílò mẹ́ta ló kù tó máa rù ú, torí náà pípín lẹ máa pín in: ₦30,000 sí ọ̀nà mẹ́ta, ₦10,000 ni kílò kan. Tí eédú, iyọ̀ àti owó mọ́tò bá jẹ́ ₦4,500, ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ ₦30,000 kẹ́ ẹ tó pín in, á wá jẹ́ ₦11,500, èrè ò sì tíì sí níbẹ̀.

Kọ́sítọ́mà tó bá ní ẹ tún gbẹ ẹ́ sí i, kó lè pẹ́ nílé, ẹ mọ̀ pé pásẹ́ǹtì márùn-ún péré tó máa lé sí 70 yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Tó bá fi 75 fúyẹ́, kílò méjì àtààbọ̀ ló kù, ₦30,000 yẹn á wá di ₦12,000 lórí kílò kan.

Ìwọ̀n tẹ́ ẹ sanwó fún ni kẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kì í ṣe ti ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ ti yọ ìfun. Ká ní kílò mẹ́sàn-án ni àǹtí mi bá lẹ́yìn tó pa á tán, mẹ́sàn-án sí mẹ́ta, á rò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ló lọ, pé kílò mẹ́ta tútù ló di kílò kan gbígbẹ, á wá ní kílò ẹja gbígbẹ kan jẹ́ ₦9,000. Owó ìfun tó jù dànù ni ₦1,000 tó dín yẹn.