Bí máìlì ṣe di kìlómítà lójú pátákó eré

Àbúrò mi ló wakọ̀ lọ́jọ́ náà lójú ọ̀nà Kúbwa ní Àbújá, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tókúnbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo ní kó rọra, ó nàka sí dáṣíbọ́ọ̀dù: "Ẹ̀gbọ́n, ọgọ́rin péré ni mo wà. Ọgọ́rùn-ún nìjọba gbà wá láyè láti sá níbí." Lóòótọ́, orí 80 ni abẹ́rẹ́ mítà wà. Ṣùgbọ́n MPH, ìyẹn máìlì ní wákàtí kan, ni wọ́n kọ sábẹ́ àwọn nọ́ńbà ńlá yẹn. Àwọn kéékèèké tó wà nínú lọ́hùn-ún, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ni km/h. Ohun tí àbúrò mi ń sá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 129 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ìwọ̀n méjèèjì yìí kò ti ibì kan náà wá. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù ìgbàanì ni máìlì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ogun bá gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, tó tún gbé òsì kan náà sílẹ̀, wọ́n kà á sí ìṣísẹ̀ kan. Ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni máìlì, ọ̀rọ̀ wọn fún ẹgbẹ̀rún ló sì bí orúkọ náà. Àwa náà fi ìrìn ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà: ibùsọ̀ tí ìwé Yorùbá ń pe máìlì, ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló tún un gùn sí i. Gígùn aporo oko ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 660 ni aporo kan, wọn kò sì lè yí i padà nítorí ilẹ̀ àwọn èèyàn. Máìlì ni wọ́n wá bá yí. Lọ́dún 1593, láyé Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì Kìíní, òfin sọ ọ́ di aporo mẹ́jọ, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 5,280.

Mítà kò wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ni àwọn Faransé gbé e kà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ó lé. Ìgbà tó di 1959 ni Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń lo yáàdì fẹnu kò pé yáàdì kan yóò jẹ́ mítà 0.9144 gẹ́lẹ́. Yáàdì 1,760 ló wà nínú máìlì kan. Bí o bá ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, mítà 1,609.344 ni yóò fún ọ. Ìdí nìyí tí kìlómítà 1.609344 fún máìlì kan kì í fi í ṣe ìfojúdá.

Ṣùgbọ́n pátákó ojú ọ̀nà kò lè kọ 48.28, tí í ṣe ọgbọ̀n máìlì. Ìjọba ni yóò yan nọ́ńbà tí ojú lè kà. Nígbà tí Ọsirélíà yí pátákó rẹ̀ padà ní 1974, tí Kánádà ṣe tirẹ̀ ní 1977, 60 máìlì di 100 kìlómítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 96.56 ni ìṣirò wí. Áyálándì ṣe tirẹ̀ ní 2005, wọ́n sì fi sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà kéékèèké tó jẹ́ 60 máìlì di 80 kìlómítà. Èyí kì í ṣe ìṣirò mọ́, wọ́n ń dín eré kù ni. Mo rò pé wọ́n gbọ́n.

Ní tiwa, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, náírà dé lọ́dún kejì, ìwọ̀n mítà náà sì wọlé ní ẹ̀wádún kan náà. Ọdún 1976 ni òfin dá Àbújá sílẹ̀, nítorí náà ilé àti ọ̀nà ibẹ̀ kò bá máìlì láyé. 50 láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà tó jáde ìlú, 100 lójú ọ̀nà màrosẹ̀: kìlómítà ni gbogbo rẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù tókúnbọ̀ ni máìlì ti ń wọ̀lú.

Ohun tí mo kọ́ àbúrò mi ni pé kó fi mẹ́jọ sọ nọ́ńbà máìlì di púpọ̀, kó sì fi márùn-ún pín in. 80 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 640. Pín in sí márùn-ún, ó di 128. Ojúlówó rẹ̀ ni 128.7, nítorí náà ìṣirò orí yìí máa ń fi eré rẹ hàn bí ẹni pé ó kéré díẹ̀. Bó bá jẹ́ láti kìlómítà sí máìlì, márùn-ún ni yóò kọ́kọ́ lò, kó tó fi mẹ́jọ pín: 100 di 62.5. Níbí ó ti pọ̀jù, 62 ni kó dúró sí.

Ẹni tí kò dá mítà rẹ̀ lójú lè wo òkúta kìlómítà lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ka ìṣẹ́jú àáyá láti òkúta kan sí èkejì. Eré ọgọ́rùn-ún kìlómítà máa ń gba àáyá 36. Bí abẹ́rẹ́ bá wà lórí 100, tó sì jẹ́ àáyá 22 péré ni, máìlì lo ń sá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò mi ti gé téépù funfun tín-ínrín mẹ́ta, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì mítà rẹ̀, lórí 31, 49 àti 62.