Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ Owó Tó Pẹ́ Sínú Àkọsílẹ̀ Gbèsè, àti Bí A Ṣe Ń Dá Àṣìṣe Mọ̀ Níbẹ̀

Nínú àkọsílẹ̀ gbèsè, gbèsè kọ̀ọ̀kan ní ìlà àpótí kéékèèké tirẹ̀, àpótí kan fún oṣù kan. Bí owó oṣù bá wọlé lásìkò, àmì pé ó dára ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Bí kò bá wọlé, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ: 30, 60 tàbí 90, ìyẹn iye ọjọ́ tó ti kọjá. Ní Amẹ́ríkà, orí 30 ni wọ́n ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi ọjọ́ 10 pẹ́ lè san owó ìtanràn fún ayánilówó, síbẹ̀ kò yẹ kí 30 hàn fún oṣù yẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti lè wọlé. Ká ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ló yẹ kí owó wọlé, tí ayánilówó sì rí i gbà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 29 ló fi pẹ́. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́ 6, ọjọ́ 32 ni ìwé wọn á kà, 30 á sì hàn. Rìsíìtì tó fi hàn pé owó ti dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 3 ni ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀ràn kejì ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn rú. Ẹnìkan kò san ti oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin ló ti ń san owó oṣù kan ní gbogbo ọjọ́ 10 oṣù, láìyẹ̀. Síbẹ̀, ó lè bá 30 nínú àpótí lẹ́yìn àpótí, kí ó sì jẹ́ òótọ́. Ìdí ni pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó, èyí tó ti pẹ́ jù nílẹ̀ ni owó tó bá wọlé kọ́kọ́ ń san. Owó tó san ní oṣù Kẹrin di ti oṣù Kẹta, ti oṣù Karùn-ún di ti oṣù Kẹrin, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí tí yóò fi san ti oṣù méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí 60 tàbí 90 bá wá hàn fún ẹni bẹ́ẹ̀, àṣìṣe nìyẹn, nítorí kò sí owó oṣù kankan tó dé ọjọ́ 60 lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà ìtakò gbọ́dọ̀ dárúkọ nọ́ńbà àkáǹtì, oṣù tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tí wọ́n kọ àti ohun tó yẹ kí wọ́n kọ, pẹ̀lú ẹ̀dà rìsíìtì. Ẹ má fi ojúlówó ránṣẹ́. Ó dára kó lọ sọ́dọ̀ ayánilówó àti ilé-iṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin sábà máa ń fún ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 30 láti ṣèwádìí. Èyí tó bá jẹ́ òótọ́ lè wà níbẹ̀ fún ọdún 7, kódà lẹ́yìn tí a bá san gbèsè náà tán. Ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ló ń kó àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ níbẹ̀, nítorí náà, bí ọ̀kan bá ti tún un ṣe, ẹ yẹ ti àwọn méjì yòókù wò.